Súrà kẹsàn-án, áyà 5: ṣé ohun tí jìhádì jẹ́ nìyí?

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Akúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ wà níbí. Kristẹni ni mí, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí mi, Akúrẹ́ ni mo ń gbé. Láti ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù, 2022, tí wọ́n ti pa ènìyàn tí kò dín ní 40 nínú ìjọ Kátólíìkì kan ní ìlú wa, ni mo ti ń wá ẹni tí mo lè bi ní ìbéèrè yìí láìdi ìjà. Ẹnìkan fi áyà karùn-ún nínú Súrà kẹsàn-án ránṣẹ́ sí mi, níbi tí ó ti wí pé kí ẹ pa àwọn ọ̀ṣẹbọ níbikíbi tí ẹ bá ti rí wọn. Ṣé ohun tí jìhádì jẹ́ nìyẹn? Bí kì í bá ṣe òun, kí ni ẹ máa sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi áyà náà ṣe àwíjàre láti pa mí?

Ọmọ Ìsìkàn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Jìhádì kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ogun rárá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn sa ipá rẹ̀ láti ṣẹ́gun ìwà burúkú inú ara rẹ̀. Nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń ti ojú ogun bọ̀, ó ní àwọn ti kúrò nínú jìhádì kékeré, àwọn sì ti bọ́ sínú jìhádì ńlá, èyí tí í ṣe ìjàkadì pẹ̀lú ìfẹ́-inú. Ẹni tí ó bá pe ogun ní jìhádì kò mọ ẹ̀sìn ni.

Bàbá Onítàn, Ondó

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kún un, nítorí ibi tí Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ní 1804 ni Ṣéù Úsúmánù ọmọ Fódíò bẹ̀rẹ̀ jìhádì tirẹ̀ ní ilẹ̀ Haúsá. Láti ibẹ̀ ni ó ti ràn dé Ìlọrin, lẹ́yìn tí Àfọ̀njá ti pe Àlímì sí ọ̀dọ̀, títí àwọn ará Ìbàdàn fi dá ọmọ ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé Mùsùlùmí pàápàá bá Mùsùlùmí jiyàn lórí ogun náà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Bọ̀nú, Al-Kánẹ́mì, aṣáájú Bọ̀nú, kọ̀wé sí àwọn aṣáájú jìhádì náà pé kí ni ìdí tí ẹ fi ń gbógun ti àwa tí à ń kírun, tí à ń gbààwẹ̀, tí à ń yọ sàká? Ó ní bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà láàárín wa, ẹ̀ṣẹ̀ nìkan kò sọ Mùsùlùmí di kèfèrí. Mùhámádù Béló, ọmọ Ṣéù Úsúmánù, fèsì pé nítorí pé Bọ̀nú ran àwọn ọba Haúsá lọ́wọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá jìhádì ti 1804 tọ́ tàbí kò tọ́, ibi ìwé wọ̀nyẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Akúrẹ́

Mo dúpẹ́, Bàbá. Ìtàn yìí wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ṣókótó ni mo ń bèèrè. Ohun tí ó wà nínú ìwé gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Olùkọ́ Kéú, Ìjọ̀kà

Ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹ kú àdánù, ẹ kú ìfaradà. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ láti ìdí rẹ̀ wá.

Àbúrò mi tí ó wà ní Ìsìkàn sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ kò pé. Ọ̀rọ̀ jìhádì kékeré àti jìhádì ńlá yẹn wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa oníwáàsí, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n mọ hàdíísì dájú, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì tí wọ́n gbà wá, kò fi ọkàn tán an: Bàíhákì sọ pé okùn àwọn tí wọ́n gbà á wá kò lágbára, Ibn Táímíyà sì sọ pé kò ní ìpìlẹ̀ rárá. Èyí tí ó dúró ni èyí tí Tírímísì gbà wá, pé ẹni tí ń ṣe jìhádì ni ẹni tí ń bá ìfẹ́-inú ara rẹ̀ jà. Nítorí náà jìhádì inú wà, ó sì tóbi. Ṣùgbọ́n ogun náà wà nínú ohun tí ọ̀rọ̀ yìí gbà mọ́ra. Bí a bá sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé kò sí níbẹ̀, ọjọ́ tí ó bá ṣí Àlùkùránì fúnra rẹ̀ ni kò ní gbà wá gbọ́ mọ́.

Kí ènìyàn sa gbogbo ipá rẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ogun ní orúkọ tirẹ̀ nínú Lárúbáwá, kìtáàlì ni wọ́n ń pè é. Ní Mẹ́kà, nígbà tí kò tíì sí àṣẹ láti gbé idà, Ọlọ́hun sọ nínú Súrà 25, áyà 52, pé kí Ànábì fi Àlùkùránì bá àwọn aláìgbàgbọ́ ṣe jìhádì ńlá. Ìwé ni ó ní kí ó fi jà. Èyí tí ó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni Súrà 31, áyà 15, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó lò fún òbí abọ̀rìṣà tí ó ń sa ipá láti fa ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀sìn. Ó ní kí ọmọ má ṣe gbọ́ tirẹ̀ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ó máa bá a gbé pẹ̀lú ìwà rere láyé. Bí jìhádì bá jẹ́ orúkọ mìíràn fún pípa ènìyàn, áyà yẹn kò ní ìtumọ̀.

Ọdún 13 ni Ànábì lò ní Mẹ́kà tí wọ́n ń na àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n ń lé wọn, tí kò sì gbà kí wọ́n gbẹ̀san. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó lọ sí Mọ̀dínà ní 622 ni àṣẹ dé, nínú Súrà 22, áyà 39 àti 40. Ẹ wo bí àṣẹ náà ti lọ: wọ́n gba àwọn tí a ń gbógun tì láàyè láti jà nítorí pé a ṣe àbòsí sí wọn, a sì lé wọn kúrò nílé wọn láìtọ́. Ó fi kún un pé bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun ń fi àwọn kan dènà àwọn kan, wọn ì bá ti wó ilé àwọn ànìkàngbé ẹlẹ́sìn, àti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ilé ìjọsìn àwọn Júù, àti mọ́ṣáláṣí. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú àṣẹ tí ó kọ́kọ́ dé. Mo ka áyà yẹn létí àwọn ọmọ kéú mi ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀wọ̀, mi ò sì lè kà á tán ní ẹ̀ẹ̀kan.

Nísinsìnyí, Súrà kẹsàn-án. Ẹ ka áyà 4 kí ẹ tó ka áyà 5, kí ẹ sì tún ka áyà 6. Ní 628, Ànábì àti àwọn Kùráíṣì, ìyẹn ẹ̀yà tí ó ni Mẹ́kà, bá ara wọn ṣe àdéhùn ọdún 10 ní Hùdáíbíyà, pé ogun kò gbọdọ̀ sí. Kí ọdún 2 tó pé tán, àwọn Bánú Bákírì, tí wọ́n wà lẹ́yìn Kùráíṣì, kọlu àwọn Kùsáà, tí wọ́n wà lẹ́yìn Mùsùlùmí, wọ́n sì pa nínú wọn. Àwọn adalẹ̀ irú èyí ni Súrà náà ń bá wí. Áyà 2 fún wọn ní oṣù 4 láti rìn lórí ilẹ̀ láìsí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn wọ́n. Áyà 4 yọ àwọn ọ̀ṣẹbọ tí wọ́n pa àdéhùn mọ́ sọ́tọ̀, ó ní kí wọ́n pé àdéhùn wọn fún wọn títí àkókò rẹ̀ yóò fi tán. Áyà 5 wá ní kí wọ́n bá àwọn tó kù jà nígbà tí oṣù ọ̀wọ̀ bá parí. Áyà 6 ní bí ọ̀kan nínú ọ̀ṣẹbọ bá tọrọ ààbò, kí a fún un, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, lẹ́yìn náà kí a sìn ín dé ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀. Kò ní kí ó kọ́kọ́ di Mùsùlùmí kí a tó sìn ín. Áyà 13 sì sọ ìdí ogun náà kedere: àwọn tí wọ́n da ìbúra wọn, tí wọ́n sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn jà.

Ẹ rí i pé àdéhùn ni ọ̀pá tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn tí ń fi áyà 5 pani kì í fẹ́ sọ.

Hùsáífà ọmọ Al-Yámánì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, àti bàbá rẹ̀ ń bọ̀ ní Mọ̀dínà, ogun Bádírì ti fẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kùráíṣì mú wọn lójú ọ̀nà, wọn kò fi wọ́n sílẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n búra pé àwọn kò ní bá Ànábì jà sí wọn. Wọ́n dé, wọ́n ròyìn. Ọmọ ogun Ànábì kò ju 300 àti díẹ̀ lọ, àwọn ọ̀tá sì tó ìlọ́po mẹ́ta. Abẹ́ ìfipá ni wọ́n ti gba ìbúra náà lẹ́nu wọn, ọ̀dọ̀ ọ̀tá tí ó wà lójú ogun sì ni. Síbẹ̀ Ànábì ní kí àwọn méjèèjì padà sẹ́yìn, kí wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ, àwọn yóò sì wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun sórí ọ̀tá. Wọn kò jà ní Bádírì. Músílímù, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó hàdíísì jọ sínú ìwé, ni ó gbà á wá.

Lẹ́yìn ikú Ànábì, Múáwíyà ní àdéhùn àlàáfíà pẹ̀lú àwọn ará Róòmù. Bí ó ti kù díẹ̀ kí àkókò náà pé, ó kó ọmọ ogun rìn lọ sí ẹ̀bá ààlà wọn, kí ó lè kọlù wọ́n ní ọjọ́ tí ó bá parí gan-an. Kò tíì tẹ àdéhùn lójú bí a bá fi ojú lẹ́tà wò ó. Sàhábà kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bá Ànábì gbé, Ámírù ọmọ Ábásà, sá ẹṣin lé wọn, ó ń ké pé Ọlọ́hun ló tóbi jù, ìmúṣẹ ìlérí ni, kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ẹni tí àdéhùn bá wà láàárín òun àti àwọn kan kò gbọdọ̀ so okùn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tú u, títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé, tàbí kí ó kéde fún wọn ní gbangba pé àdéhùn ti tán. Múáwíyà yí ọmọ ogun padà.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, èmi àti ẹ̀yin jọ ń gbé ní Akúrẹ́, a jọ ń ra iṣu ní Ọjà Ọba, a jọ wà lábẹ́ òfin kan náà tí olúkúlùkù wa gbà. Àdéhùn ni ìyẹn. Nínú hàdíísì tí Bùhárì gbà, ẹni tí ó bá pa ẹni tí a bá ní àdéhùn kò ní gbọ́ òórùn àlùjánnà. Kò sí ogun ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sí olórí kankan tí ó kéde rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n kú kò mú idà dání. Lójú ẹ̀sìn mi, ìpànìyàn ni.

Àgbẹ̀ Kòkó, ojú ọ̀nà Ọ̀dà

Áfáà, àsàlámù àlékún. Èmi ní ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ mi ju Bádírì lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá ni wọ́n da màlúù sínú oko kòkó mi, gbogbo ọmọ kòkó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ni wọ́n tẹ̀ pa. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa fẹ́ kó ara wọn jọ pẹ̀lú àdá àti ìbọn ìṣọdẹ, wọ́n ní jìhádì ni, nítorí pé ẹni tí ó bá kú lórí dúkìá rẹ̀, ṣàhíìdì, ìyẹn ajẹ́rìíkú, ni. Ṣé wọ́n jẹ̀bi?

Olùkọ́ Kéú, Ìjọ̀kà

Wa àlékúmú sàlámù, ẹ kú àdánù oko. Hàdíísì tí wọ́n gbọ́ yẹn dájú, Bùhárì àti Músílímù ló gbà á. Ẹni tí wọ́n bá pa níbi tí ó ti ń gbèjà ohun ìní rẹ̀, ṣàhíìdì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ni ẹni tí wọ́n pa. Kò sọ pé ẹni tí ó lọ pa ènìyàn nítorí ohun ìní yóò gba ẹ̀san.

Àwọn onímọ̀ òfin ya ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń lé olè kúrò nílé rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú jìhádì ogun. Ẹni tí a bá kọlù kò nílò àṣẹ ọba kí ó tó gba ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fúyẹ́ jù ni ó gbọdọ̀ fi bẹ̀rẹ̀: bí igbe bá lè lé e, kò gbọdọ̀ lu ú, bí ọ̀pá bá tó, kò gbọdọ̀ lo irin. Bí ẹni náà bá sì ti sá, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ẹjọ́, kò sí ẹ̀tọ́ láti lé e wọ inú igbó. Àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kó ara wọn jọ lóru, tí wọn yóò lọ bá darandaran tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òun ló da màlúù wọ oko yín, inú ẹ̀san ni wọ́n ti bọ́. Súrà 6, áyà 164, ní ẹlẹ́rù kan kì í ru ẹrù ẹlòmíràn. Ẹ ya àwòrán ohun tí ó bàjẹ́, ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi orúkọ jìhádì sórí rẹ̀.

Àgbẹ̀ Kòkó, ojú ọ̀nà Ọ̀dà

Mo ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mejì, Áfáà. Ìwé ni wọ́n kọ, wọ́n ní kí n máa lọ. Ọ̀rọ̀ yín yé mi, mo sì máa kà á fún àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa gbà á.

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Mo ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé Olùkọ́ fo ohun méjì. Àkọ́kọ́, hàdíísì Sáábù ọmọ Jásámà wà nínú Bùhárì, níbi tí wọ́n ti bi Ànábì nípa ìkọlù òru tí ó kan obìnrin àti ọmọdé àwọn ọ̀ṣẹbọ, tí ó sì dáhùn pé ara àwọn ọ̀ṣẹbọ náà ni wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn tí ń ju bọ́ǹbù sí ọjà ń fi í gbèjà ara wọn. Èkejì, àwọn onímọ̀ òfin àtijọ́ kọ̀wé pé olórí Mùsùlùmí lè gbé ogun lọ bá ìlú tí kò gbógun tì í. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ẹni pé ogun ìgbèjà nìkan ni wọ́n mọ̀.

Olùkọ́ Kéú, Ìjọ̀kà

Ẹ ṣeun, Agbẹjọ́rò. Òótọ́ ni méjèèjì, mo sì gbà pé ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Lórí ti Sáábù, lójú ogun tí ó ti ń lọ lọ́wọ́ ni ìbéèrè náà, nínú òkùnkùn tí a kò ti lè dá ẹni mọ̀, níbi tí kò sí ẹni tí ó fọkàn sí wọn. Nínú ogun kan, wọ́n rí òkú obìnrin kan, Ànábì dúró lórí rẹ̀, ó ní eléyìí kì í ṣe ẹni tí ń jà, ó sì ránṣẹ́ sí Kálídì, olórí ọmọ ogun tí ó wà níwájú, pé kí ó má ṣe pa obìnrin, kí ó má sì pa alágbàṣe. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ alágbàṣe: ó wà láàárín àwọn ọ̀tá, owó wọn ni ó ń gbà, síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ pa á nítorí pé kò jà. Súhúrì, tí ó gba hàdíísì Sáábù wá, fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé Ànábì kọ pípa obìnrin àti ọmọdé lẹ́yìn náà. Àwọn mìíràn kò gbà pé ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Wọ́n ní ti òru ni ti òru, ti ojúmọ́ ni ti ojúmọ́. Níbi tí ìyàtọ̀ wà ni bí a ti lè ṣe kọlu ibùdó ọmọ ogun tí aláìṣẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe lórí bóyá a lè dojú kọ àwọn tí wọ́n wà níbi ìjọsìn ni ìyàtọ̀ náà wà. Ábú Bákárì, olórí Mùsùlùmí àkọ́kọ́ lẹ́yìn Ànábì, nígbà tí ó ń rán Yásídù, olórí ọmọ ogun rẹ̀, lọ sí Ṣáámù, ìyẹn ilẹ̀ Síríà, ní kí ó fi àwọn tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbé ara wọn fún, kí ó má pa obìnrin tàbí ọmọdé tàbí arúgbó, kí ó má sì gé igi eléso.

Lórí èkejì, n kò ní purọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ àtijọ́, títí kan àwọn ti ilé ẹ̀kọ́ òfin Màlíkì tí àwa Yorùbá ń tẹ̀ lé, kọ ọ́ pé olórí lè gbé ogun lọ. Ayé wọn jẹ́ ayé tí ìlú tí kò bá bá ọ ṣe àdéhùn jẹ́ ọ̀tá rẹ. Àríyànjiyàn wọn wà lórí ohun tí ń mú kí a bá aláìgbàgbọ́ jà: àwọn kan nínú ilé ẹ̀kọ́ Ṣáfíì ní àìgbàgbọ́ rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ní jíjà tí ó ń jà ni, àti pé ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pa obìnrin àti arúgbó tí àwọn náà kò gbàgbọ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, Màmúdù Ṣàlútútù, tí ó jẹ́ Ṣéù ilé ẹ̀kọ́ ńlá Àsíhárì ní Íjíbítì, kọ ọ́ pé ogun ìgbèjà nìkan ni Àlùkùránì gbà láàyè. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni, àwọn tí wọ́n mọ̀wé jù mí lọ kò gbà á.

Ìyá Ìbejì, Ondó

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi yàtọ̀. Ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 19 sọ pé òun fẹ́ fi ilé sílẹ̀ tẹ̀ lé àwọn oníwáàsí kan tí n kò mọ̀, pé jìhádì ni, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ wà lórí ibùsùn láti oṣù 5 sẹ́yìn, òun ló ń bá mi gbé e. Ṣé mo lè dá a dúró?

Olùkọ́ Kéú, Ìjọ̀kà

Ìyá mi, Ọlọ́hun yóò fún bàbá ní àlàáfíà. Ọkùnrin kan wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Ànábì láti lọ jagun. Ó bi í pé ṣé àwọn òbí rẹ wà láàyè? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní lára wọn ni kí o ti ṣe jìhádì rẹ. Bùhárì ló gbà á. Ẹ kà á fún un, kí ẹ sì bèèrè orúkọ àti ibùgbé àwọn oníwáàsí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó lọ. Ẹ pe lèmọ́ọ̀mù yín lálẹ́ òní.

Ọmọ Ìsìkàn

Áfáà, mo ti ń sọ ti jìhádì kékeré àti ńlá láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé kéú. Màá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ìtumọ̀ rẹ̀ tọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Akúrẹ́

Mo yá Àlùkùránì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá lọ́wọ́ aládùúgbò mi, mo sì ka áyà 4 àti 6. Bí ẹ ti wí ni mo ṣe bá a. Ẹni tí ó fi áyà 5 ránṣẹ́ sí mi kò fi wọ́n kún un. Ṣùgbọ́n mo ń kà á lọ ni, mo sì dé áyà 29, èyí tí ó sọ̀rọ̀ nípa àwa oníwé àti owó orí, ẹ kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Mo máa wá sí Ìjọ̀kà lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Alásàrí, bí ẹ bá gbà mí láàyè.

Olùkọ́ Kéú, Ìjọ̀kà

Ẹ máa bọ̀. Áyà 29 le ju áyà 5 lọ, kò sì ní parí lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé ìwé náà dání.